Bí a ṣe ń ṣe àtẹ ìjábọ̀ fún onígbọ̀wọ́: síso iṣẹ́ pọ̀ mọ́ atọ́ka àti àfojúsùn

Àtẹ ìjábọ̀ tí onígbọ̀wọ́, ìyẹn dónọ̀, ń béèrè kì í ṣe àkọsílẹ̀ gbogbo ohun tí àjọ ṣe láàárín oṣù mẹ́fà. Ohun tó ń wá níbẹ̀ ni pé, nínú ohun tí ẹ jọ fọwọ́ sí, èwo ló ti dé, mélòó ló kù, kí ló sì fa ìyàtọ̀. Ọ̀pọ̀ àtẹ tí wọ́n ń dá padà ló jẹ́ pé orí iṣẹ́ ni ẹni tó kọ ọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ó kó ìpàdé, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti ìrìn àjò jọ, ó wá ń wá atọ́ka tí yóò fi wọ́n sí abẹ́ rẹ̀. Ẹ yí i padà. Ẹ kọ atọ́ka sílẹ̀ ná, kí ẹ tó béèrè iṣẹ́ tó gbé e dé ibi tó dé.

Atọ́ka ni ohun tí a ó kà tàbí tí a ó wọ̀n láti mọ̀ bóyá ìyípadà ti dé. Àfojúsùn ni iye tí a ṣèlérí, pẹ̀lú ọjọ́ tí a ṣèlérí rẹ̀. Iye ìpìlẹ̀ ni bí nǹkan ṣe wà kí pírójẹ́ẹ̀tì tó bẹ̀rẹ̀.

Àpẹẹrẹ kan ṣoṣo la ó tẹ̀ lé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àwọn iye inú rẹ̀ jẹ́ ti ẹ̀kọ́ nìkan. Àjọ kan ń gbẹ́ kànga ẹ̀rọ aláfọwọ́fà 12 sí abúlé 12 ní agbègbè Ìbàràpá ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Pírójẹ́ẹ̀tì náà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní 2024, yóò sì parí ní oṣù kejìlá 2025. Ìjábọ̀ kejì ni wọ́n ń kọ, sáà oṣù keje sí oṣù kejìlá 2024. Atọ́ka mẹ́rin ló wà nínú àdéhùn: 1.1 ni ojú omi tó ń ṣiṣẹ́, 1.2 ni àwọn ènìyàn tó ń rí omi náà lò, 2.1 ni àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ olùtọ́jú omi tó gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́, 3.1 sì ni ìdílé tó ní omi àti ọṣẹ níbi ìfọwọ́ wọn.

Kí ẹ tó ṣí Excel

Ìwé mẹ́rin ni kó wà lórí tábìlì: àdéhùn tí ẹ fọwọ́ sí pẹ̀lú àwọn àfikún rẹ̀, lọ́gífíréèmù, ètò iṣẹ́ pẹ̀lú ìnáwó rẹ̀, àti ìjábọ̀ ìwádìí ìpìlẹ̀. Lọ́gífíréèmù, ìyẹn àtẹ tó to àbájáde, atọ́ka àti àfojúsùn pírójẹ́ẹ̀tì, ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀, nítorí kì í sábà jẹ́ ẹyọ kan. Ọ̀kan wà tí ẹ fi tọrọ owó, ọ̀kan wà tí ẹ fọwọ́ sí lẹ́yìn tí ẹ ti dúnàá dúrà, òmíràn sì lè wà tí onígbọ̀wọ́ gbà láti yí padà láàárín ọdún. Nínú àpẹẹrẹ wa, kànga 15 ni àjọ kọ sínú ìwé ìtọrọ, 12 ni wọ́n fọwọ́ sí. Òṣìṣẹ́ tuntun tó bá lọ ṣí fáìlì ìtọrọ yóò máa fi 15 pín gbogbo iye rẹ̀, kò sì sí ohun tí yóò kìlọ̀ fún un, torí Excel yóò ṣe ìṣirò náà láìjanpata. Ẹ wá lẹ́tà tàbí ímeèlì tí onígbọ̀wọ́ fi gbà á, ẹ kọ ọjọ́ rẹ̀ sórí àtẹ yín, kí ẹ sì kó àwọn ẹ̀dà yòókù sínú fódà ọ̀tọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ da atọ́ka kọ bó ṣe wà gẹ́lẹ́, tòun ti nọ́ńbà rẹ̀. Ẹ má tún èdè rẹ̀ ṣe, bó tilẹ̀ wọ́. Atọ́ka 1.1 kà pé «iye ojú omi tí pírójẹ́ẹ̀tì kọ́, tí omi rẹ̀ yege nínú àyẹ̀wò, tó sì ń ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ tí sáà parí». Bí ẹ bá gé e kù sí «iye ojú omi tí a kọ́», ẹ ti yí àdéhùn padà láìmọ̀. Bí a ó ṣe rí i níwájú, gígé yẹn nìkan tó láti sọ iye mẹ́fà di méje.

Atọ́ka kọ̀ọ̀kan nílò ojú ìwé ìtumọ̀ kan: kí la ó kà, kí la ò ní kà, ìgbà wo la ó kà á, ta ni yóò kà á, inú ìwé wo ni iye náà yóò ti jáde. Àwọn onígbọ̀wọ́ kan máa ń fúnni ní ojú ìwé yìí, àwọn mìíràn kì í fúnni. Bí tiyín kò bá fúnni, ẹ kọ ọ́ fúnra yín, ìdajì ojú ìwé tó, kí ẹ fi ránṣẹ́ kí wọ́n fọwọ́ sí i kí ìjábọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde. Ìtumọ̀ tí ẹ kọ lẹ́yìn tí ẹ ti rí iye máa ń rí bí àwáwí.

Àwọn òpó àtẹ

Bí onígbọ̀wọ́ bá ní àtẹ tirẹ̀, tirẹ̀ ni kí ẹ lò. Ẹ má fi òpó kún un, ẹ má sì fi ìkankan pamọ́. Ẹ ṣe àtẹ iṣẹ́ tiyín sẹ́yìn rẹ̀, níbi tí ìṣirò àti ẹ̀rí yóò wà, kí ẹ máa gbé ibi tó parí síwájú.

Nínú àtẹ iṣẹ́ náà, láti apá òsì, ẹ kọ nọ́ńbà àti ọ̀rọ̀ atọ́ka, ẹyọ tí a fi ń kà á, iye ìpìlẹ̀ pẹ̀lú ọdún rẹ̀, àfojúsùn títí di òpin sáà yìí, àfojúsùn òpin pírójẹ́ẹ̀tì, ohun tí a rí ní sáà yìí nìkan, ibi tí a dé lápapọ̀, ìdá ìlọsíwájú, iṣẹ́ tó gbé e, àlàyé ìyàtọ̀, àti nọ́ńbà ẹ̀rí. Òpó «àfojúsùn títí di òpin sáà yìí» ni ọ̀pọ̀ àjọ ń fò. Láìsí i, àtẹ tó wà ní agbedeméjì pírójẹ́ẹ̀tì yóò máa fi iṣẹ́ ọdún kan wé àfojúsùn ọdún méjì, ẹni tó ń kà á yóò sì rò pé ẹ ti jáwọ́ nínú iṣẹ́. Bí lọ́gífíréèmù kò bá pín àfojúsùn sí sáà, ètò iṣẹ́ ni kí ẹ ti fa á yọ, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ibẹ̀ ni ó ti wá.

Síso iṣẹ́ mọ́ atọ́ka

Ẹ fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan nínú ètò iṣẹ́ ní nọ́ńbà tó bá ti atọ́ka rẹ̀ mu. Abẹ́ atọ́ka 1.1, iṣẹ́ 1.1.1 ni gbígba ilẹ̀ àti àdéhùn lọ́wọ́ baálẹ̀ àti àwọn ará abúlé, 1.1.2 ni ìwádìí abẹ́ ilẹ̀, 1.1.3 ni gbígbẹ́, 1.1.4 ni dídán agbára omi wò, 1.1.5 ni gbígbé pọ́ǹpù sí i àti dída kọnkéré yí i ká, 1.1.6 ni àyẹ̀wò omi. Bẹ́ẹ̀ lẹ ó ṣe fún àwọn yòókù.

Nígbà tí ẹ bá so wọ́n tán, ẹ wá nǹkan méjì. Ẹ kọ́kọ́ wá iṣẹ́ tí kò rí atọ́ka kankan so mọ́. Ó lè jẹ́ iṣẹ́ ìṣàkóso tó yẹ kó wà nínú ọ̀rọ̀ ìjábọ̀, tí kò ní iṣẹ́ nínú àtẹ. Ó sì lè jẹ́ pé ẹ ń ná owó sórí ohun tí kò sí nínú àdéhùn, ìyẹn sì nílò kí ẹ bá onígbọ̀wọ́ sọ̀rọ̀ kí àyẹ̀wò owó tó bá yín níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wá atọ́ka tí kò ní iṣẹ́ kankan lábẹ́ rẹ̀ ní sáà yìí. Ìyẹn burú jù, torí pé bí iye rẹ̀ bá lọ sókè, ẹ ò lè sọ pé ẹ̀yin lẹ fà á.

Iṣẹ́ kan lè ran atọ́ka méjì lọ́wọ́. Ìpàdé ìmọ́tótó ní abúlé lè gbé 3.1, kó sì tún mú kí ìgbìmọ̀ fìdí múlẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sí abẹ́ èyí tí ìnáwó rẹ̀ wà, kí ẹ sì tọ́ka sí i níbi kejì, ṣùgbọ́n kí ẹ má ka àwọn tó wá síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Òpó iṣẹ́ yìí ló tún ń sọ bí nǹkan ṣe ń lọ fún ohun tí kò tíì parí. Kànga tí wọ́n ti gbẹ́ tí wọn ò tíì gbé pọ́ǹpù sí jẹ́ òdo lábẹ́ atọ́ka 1.1. Kì í ṣe ìdajì kànga. Ẹ kọ òdo sí òpó iye, kí ẹ sì kọ ibi tí iṣẹ́ dé sí òpó iṣẹ́, báyìí: «Láti ìbẹ̀rẹ̀: ìwádìí abẹ́ ilẹ̀ ní abúlé 10, a gbẹ́ kànga 9, méjì gbẹ, pọ́ǹpù wà lórí 7, omi gbogbo 7 yege nínú àyẹ̀wò.» Ẹni tó bá ka èyí yóò rí bí 9 ṣe di 7 láìbéèrè.

Iye kànga: ohun tó wà nílẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tí a kọ́

Ìjábọ̀ àkọ́kọ́ sọ pé kànga 3. Ní sáà kejì, wọ́n parí 4. Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò ro 3 mọ́ 4, wọ́n yóò kọ 7. Ṣùgbọ́n nígbà àbẹ̀wò ọjọ́ ìparí oṣù kejìlá, ọ̀kan nínú mẹ́ta àkọ́kọ́ ti bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ atọ́ka ní «tó sì ń ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ tí sáà parí». Mẹ́fà ni ìdáhùn.

Irú atọ́ka méjì ló wà, ó sì yẹ kí ẹ kọ irú tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan ni èyí tí a ń rò pọ̀ sáà dé sáà, bí iye ènìyàn tuntun tó gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Èkejì ni èyí tí a ń wò bó ṣe wà lónìí, bí iye ojú omi tó ń ṣiṣẹ́ tàbí ìdá ìdílé tó ní ọṣẹ. Irú kejì yìí, ẹ má rò ó mọ́ ti àná láéláé. Iye tuntun ló ń rọ́pò ti àtijọ́. Ẹ óò mọ àtẹ tí wọ́n ti ṣe àṣìṣe yìí nínú rẹ̀ bí iye rẹ̀ kò bá lọ sílẹ̀ rí fún ọdún méjì, nígbà tí gbogbo wa mọ̀ pé pọ́ǹpù a máa bàjẹ́.

Iye ènìyàn: ẹ kà wọ́n, ẹ má fojú bù wọ́n

Àfojúsùn atọ́ka 1.2 jẹ́ 4,800, ìyẹn 400 ènìyàn fún kànga kọ̀ọ̀kan, 3,200 ni fún kànga 8 tí ó yẹ kó ti wà ní ìparí 2024. Ohun tó rọrùn jù ni kí ẹnìkan fi 400 sọ kànga 6 di púpọ̀, kó kọ 2,400. Ìyẹn kì í ṣe àbájáde. Àfojúsùn ni ẹ tún kọ padà fún onígbọ̀wọ́.

Ohun tó yẹ ni pé kí ìgbìmọ̀ abúlé àti òṣìṣẹ́ yín jọ to orúkọ ìdílé tó ń pọn omi níbẹ̀, pẹ̀lú iye ènìyàn inú ìdílé kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe gbogbo abúlé ló máa wọ inú àtòjọ náà. Nínú ọ̀nà tí WHO àti UNICEF fi ń wọn omi, ìdílé kan kò tíì dé ìpele àkọ́kọ́ tó péye bí lílọ, títò àti bíbọ̀ rẹ̀ bá kọjá ìṣẹ́jú 30. Nítorí náà, àwọn ilé tó wà ní òdìkejì odò tí wọ́n ń rin wákàtí kan kò sí nínú iye yín, bí wọ́n tilẹ̀ wá síbi ìṣílé kànga.

Nínú àpẹẹrẹ wa, àtòjọ abúlé mẹ́fà tí kànga wọn ń ṣiṣẹ́ fúnni ní 310, 420, 640, 285, 390 àti 355. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 2,400, ó sì ṣe kòńgẹ́ pẹ̀lú ìṣirò ojú bíbù òkè yẹn, èyí tó máa ń mú kí ènìyàn fọkàn balẹ̀ láìyẹ. Ẹ wo 640. Ìlànà Sphere, tí àwọn àjọ aṣèrànwọ́ kárí ayé ń tẹ̀ lé, fi òkè pátápátá sí ènìyàn 500 fún pọ́ǹpù aláfọwọ́fà kan. Ojú ìwé ìtumọ̀ atọ́ka yìí gba ìlànà náà, torí náà 500 la ó kà ní abúlé yẹn, àpapọ̀ wá di 2,260. Àwọn 140 tó kù kò sọnù: a ó kọ wọ́n sí òpó àlàyé, torí àwọn ló jẹ́ ìdí tí abúlé yẹn fi nílò pọ́ǹpù kejì. Bí àdéhùn tiyín kò bá sọ ohunkóhun nípa òkè yìí, ẹ béèrè. Ẹ má yan èyí tó dùn yín nínú.

Àwọn 330 tó ń lo kànga tó bàjẹ́ kò sí nínú iye náà. Bí 1.1 bá sọ pé mẹ́fà, tí 1.2 sì ń ka ènìyàn abúlé méje, onígbọ̀wọ́ yóò rí i láàárín ìṣẹ́jú méjì.

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́: ìbuwọ́lùwé kì í ṣe ènìyàn

Wọ́n ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìgbìmọ̀ lẹ́ẹ̀mejì ní sáà yìí. Rẹ́jísítà àkọ́kọ́ ní ìbuwọ́lùwé 96, èkejì ní 88, àpapọ̀ 184. Ènìyàn 81 ló wá nígbà méjèèjì, nítorí náà ènìyàn 103 ló wà níbẹ̀ ní tòótọ́. Ẹ tún wò ó dáadáa: 34 nínú wọn kì í ṣe ọmọ ìgbìmọ̀, baálẹ̀ wà níbẹ̀, olórí ọ̀dọ́, aṣojú ìjọba ìbílẹ̀, àní awakọ̀ pàápàá buwọ́ lùwé kó lè gba owó oúnjẹ. Atọ́ka 2.1 ń béèrè ọmọ ìgbìmọ̀. 69 ni.

Láti 184 dé 69 kì í ṣe ìyàtọ̀ kékeré. Ẹni tó kọ 184 lábẹ́ àfojúsùn 72 yóò kéde pé òun ti ṣe ìlọ́po méjì àti ààbọ̀ ohun tí òun ṣèlérí, ìyẹn gan-an ni yóò sì mú kí wọ́n béèrè rẹ́jísítà.

Kí èyí má baà di iṣẹ́ alẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn, ẹ fún olúkúlùkù ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tó bá wá, kí rẹ́jísítà sì ní òpó ipò. Orúkọ nìkan kò tó láti fi yọ ẹni tó wà lẹ́ẹ̀mejì, torí pé Àdùkẹ́ tó kọ orúkọ rẹ̀ lónìí lè kọ Ìyá Bọ́lá lọ́la, ẹlòmíràn a sì fi àmì sí orúkọ rẹ̀ níbì kan kó má fi sí i níbòmíràn. Bí nọ́ńbà bá wà ní òpó B tí ipò sì wà ní òpó D, tí a fi IOO dúró fún ìgbìmọ̀ olùtọ́jú omi, Excel tuntun tàbí Google Sheets yóò kà á báyìí:

```
=COUNTA(UNIQUE(FILTER(B2:B185,D2:D185="IOO")))
```

Ìlà 184 ló wà láti B2 dé B185. Ẹ yí i padà bí tiyín ṣe gùn tó. Bí kò bá sí ẹni kankan tó bá ipò náà mu, COUNTA yóò ka àṣìṣe náà gẹ́gẹ́ bí ẹyọ kan, torí náà ẹ fi ojú wò ó bó bá fún yín ní 1. Excel àtijọ́ kò mọ UNIQUE; ẹ yọ àwọn ìlà tí kì í ṣe IOO kúrò, kí ẹ sì lo Remove Duplicates lórí òpó B, lórí ẹ̀dà fáìlì, kì í ṣe lórí rẹ́jísítà fúnra rẹ̀.

Pínpín sí obìnrin àti ọkùnrin, ọjọ́ orí, àti àìlera ara gbọ́dọ̀ ti ibi kan náà wá. Obìnrin 31 àti ọkùnrin 38 gbọ́dọ̀ jẹ́ 69. Bí òpó yìí kò bá sí nínú rẹ́jísítà láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ kọ pé a kò gbà á sílẹ̀, kí ẹ sì fi í kún rẹ́jísítà tó ń bọ̀. Ẹ má jókòó sí ọ́fíìsì máa fi orúkọ mọ obìnrin. Ayọ̀délé lè jẹ́ ọkùnrin, ó lè jẹ́ obìnrin.

Atọ́ka tó jẹ́ ìdá: ibi tí ìṣirò ti ń ṣì lọ́nà

Atọ́ka 3.1 ni ìdá ìdílé tó ní omi àti ọṣẹ níbi ìfọwọ́ ní ọjọ́ àbẹ̀wò. Iye ìpìlẹ̀ jẹ́ 18%, àfojúsùn ìparí 2024 jẹ́ 40%, ti òpin pírójẹ́ẹ̀tì jẹ́ 60%. Ní oṣù kejìlá, wọ́n wo ìdílé 200, wọ́n rí omi àti ọṣẹ ní 66. Ìyẹn 33%.

Bí ẹ bá fi 60 pín 33, ẹ ó rí 55%, àtẹ yóò sì dà bíi pé ẹ ti kọjá ìdajì ọ̀nà. Ṣùgbọ́n 18 ti wà níbẹ̀ kí ẹ tó dé. Ohun tí ẹ fi kún un jẹ́ 15, ohun tí ẹ ṣèlérí láti fi kún un jẹ́ 42. Ìlọsíwájú sí òpin pírójẹ́ẹ̀tì jẹ́ 36%. Sí ìparí 2024, ó jẹ́ 15 lórí 22, ìyẹn 68%. Bí iye ìpìlẹ̀ bá wà ní E7, àfojúsùn ní F7, ibi tí a dé ní H7:

```
=(H7-E7)/(F7-E7)
```

Ọ̀nà yìí kan náà ló bá atọ́ka tó yẹ kó lọ sílẹ̀ mu, bí iye ìṣẹ́jú tí wọ́n fi ń pọn omi. Bí ìpìlẹ̀ bá jẹ́ 70, àfojúsùn 30, tí a sì wà ní 50, ìṣirò náà fúnni ní 50%. Pípín 50 pẹ̀lú 30 yóò fúnni ní 167%, èyí tí kò ní ìtumọ̀ kankan. Bí ìpìlẹ̀ bá jẹ́ òdo, ọ̀nà méjèèjì a padà jẹ́ ọ̀kan, ìdí nìyẹn tí àṣìṣe náà fi ń fara pamọ́ fún ẹni tó ti ń ka kànga nìkan.

Ẹ kọ 66 nínú 200 sẹ́gbẹ̀ẹ́ 33% náà. Bí wọ́n bá ṣa ìdílé 200 náà láìṣojúsàájú, iye tòótọ́ lè wà níbikíbi láàárín nǹkan bí 26.5% àti 39.5%. Nítorí náà, bí sáà tó ń bọ̀ bá jẹ́ 35%, ẹ má kọ pé ìwà àwọn ènìyàn ti yí padà. Ìbéèrè kan náà, àkókò kan náà láàárín ọdún, àti ọ̀nà ìṣà kan náà ni kí ẹ máa lò. Ìdílé tí ẹ bá bẹ̀ wò lẹ́yìn tí wọ́n ti gbọ́ pé ẹ ń bọ̀ yóò ti gbé ọṣẹ síta.

Bí àtẹ ṣe rí nígbà tó parí

Àwọn òpó tó ṣe kókó nìyí. Ibi tí nǹkan dé ní ìparí oṣù kejìlá 2024 ló wà níbẹ̀.

| Atọ́ka | Ìpìlẹ̀ | Àfojúsùn ìparí 2024 | Ibi tí a dé | Àfojúsùn ìparí 2025 | Ìlọsíwájú sí ìparí 2024 |
|---|---|---|---|---|---|
| 1.1 Ojú omi tó ń ṣiṣẹ́ | 0 | 8 | 6 | 12 | 75% |
| 1.2 Ènìyàn tó ń lò ó | 0 | 3,200 | 2,260 | 4,800 | 71% |
| 2.1 Ọmọ ìgbìmọ̀ tó gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ | 0 | 72 | 69 (obìnrin 31, ọkùnrin 38) | 108 | 96% |
| 3.1 Ìdílé tó ní omi àti ọṣẹ | 18% | 40% | 33% (66 nínú 200) | 60% | 68% |

Àlàyé ìyàtọ̀

Ẹ wo inú àdéhùn bí ìyàtọ̀ ṣe gbọ́dọ̀ tó kí wọ́n tó béèrè àlàyé. Bí kò bá sọ ọ́, ẹ ṣàlàyé ohunkóhun tó bá fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún yẹ̀, lókè tàbí nísàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, lókè pẹ̀lú. Iye tó kọjá àfojúsùn lọ jìnnà sábà máa ń jẹ́ kíkà ẹnìkan lẹ́ẹ̀mejì, tàbí àfojúsùn tí wọ́n gbé sísàlẹ̀ jù.

«Nítorí àwọn ìpèníjà tó kọjá agbára wa» kì í ṣe àlàyé. Àlàyé gbọ́dọ̀ sọ bí àlàfo náà ṣe tó, ohun tó fà á, ohun tí ẹ ti ṣe, àti ọjọ́ tí yóò dí. Ti 1.1 lè kà báyìí:

«Àlàfo jẹ́ ojú omi 2. Kànga 2 nínú 9 tí a gbẹ́ kò ní omi: ilẹ̀ agbègbè yìí jẹ́ àpáta líle tí omi kì í sí nínú rẹ̀ àfi níbi tí àpáta bá ti jẹrà tàbí tó sán, ibi méjèèjì tí a gbẹ́ kò sì bọ́ sí irú ibẹ̀. Èyí mú kí a parí 7 dípò 8. Ní àfikún, ọ̀kan nínú 7 náà kò ṣiṣẹ́ mọ́ nítorí pé wáṣà inú sílíńdà pọ́ǹpù ti jẹ. A ti ra wáṣà. Ìgbìmọ̀ abúlé yóò pààrọ̀ rẹ̀ kí oṣù kìíní 2025 tó parí. A ti tún ìwádìí abẹ́ ilẹ̀ ṣe ní abúlé méjèèjì, gbígbẹ́ yóò sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejì, kí òjò tó sọ ọ̀nà di ẹrẹ̀ fún ọkọ̀ agbẹ́kànga. Owó gbígbẹ́ méjì tó gbẹ wà lábẹ́ ìlà 1.1.3 nínú ìjábọ̀ owó.»

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ṣe pàtàkì. Ẹ gbé àtẹ yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjábọ̀ owó kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Bí ìnáwó gbígbẹ́ bá ti di 90% tí kànga sì jẹ́ 6 nínú 12, ìbéèrè ń bọ̀, ó sàn kí ìdáhùn ti wà nílẹ̀. Bákan náà, iṣẹ́ tí ẹ kọ pé ó ti parí tí owó rẹ̀ ṣì wà ní báńkì yóò fa ìbéèrè.

Bí ó bá jẹ́ ọ̀wọ́n ọjà ló fà á, ẹ má kọ «ọ̀wọ́n gógó» lásán. Láti oṣù kẹfà 2023 tí ìjọba ti fi iye náírà sílẹ̀ fún ọjà ni gbogbo onígbọ̀wọ́ ti ń kà á. Ẹ kọ iye páìpù nígbà tí ẹ ṣe ìnáwó, ẹ kọ iye tí ẹ rà á báyìí, kí ẹ so ìwé owó mọ́ ọn. Bí èyí bá sì túmọ̀ sí pé kànga 12 kò lè ṣeé ṣe mọ́, inú lẹ́tà ni ẹ ó ti béèrè ìyípadà. Títí tí ìdáhùn yóò fi dé, 12 ni yóò máa wà ní òpó àfojúsùn.

Ẹ̀rí àti àyẹ̀wò ìkẹyìn

Iye kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà ẹ̀rí: 1.1-01 ni ìwé ìfàkànga-léni-lọ́wọ́ tí baálẹ̀ àti ìgbìmọ̀ buwọ́ lù, 1.1-02 ni àbájáde àyẹ̀wò omi láti ilé àyẹ̀wò, 1.1-03 ni fọ́ọ̀mù àbẹ̀wò ọjọ́ ìparí oṣù kejìlá. Fún omi mímu, òdo ni E. coli gbọ́dọ̀ jẹ́ nínú mílílítà 100. Ìwé àyẹ̀wò tí kò sọ iye yìí kò tíì tó ẹ̀rí. Fọ́tò dára, ṣùgbọ́n fọ́tò ọjọ́ ìṣílé kò lè fi hàn pé pọ́ǹpù ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà.

Rẹ́jísítà tó ní orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti ìbuwọ́lùwé kò yẹ kó bá ìjábọ̀ lọ bẹ́ẹ̀. Òfin ìdáàbòbò dátà ti Nàìjíríà ti ọdún 2023 kan àjọ yín náà. Ẹ pa á mọ́ sí ọ́fíìsì, kí ẹ fi àkópọ̀ ránṣẹ́, kí onígbọ̀wọ́ wá wo ojúlówó bó bá fẹ́.

Bí ẹ bá rí i pé iye tí ẹ fi ránṣẹ́ nínú ìjábọ̀ àná kò tọ́, ẹ má fi ọgbọ́n dọ́gba rẹ̀ nínú ti sáà yìí. Ẹ kọ iye àtijọ́, iye tó tọ́ àti ìdí rẹ̀ sísàlẹ̀ àtẹ. Nínú àpẹẹrẹ wa, kànga 3 ti sáà àkọ́kọ́ kì í ṣe àṣìṣe, wọ́n ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Àmọ́ bí ìjábọ̀ àkọ́kọ́ bá ti ka ènìyàn 1,200 nípa fífi 400 sọ mẹ́ta di púpọ̀, ìyẹn gbọ́dọ̀ di ohun tí a tún ṣe ní gbangba.

Ní ọjọ́ mẹ́ta kí ẹ tó fi í ránṣẹ́, ẹ fún ẹni tí kò kọ àtẹ náà ní iye mẹ́ta nínú rẹ̀, láìsọ ọ̀nà tí ẹ gbà rí wọn. Kí ó bẹ̀rẹ̀ láti inú fódà ẹ̀rí, kó ka rẹ́jísítà àti àtòjọ ìdílé fúnra rẹ̀. Bó bá dé orí 69, 2,260 àti 33% láìpe ẹnikẹ́ni lórí fóònù, ẹ lè fi í ránṣẹ́. Bó bá dé orí 71, ẹ wá ẹni méjì yẹn kí ilẹ̀ tó ṣú.